Òpó Tí Wọ́n Gé Ìdí Rẹ̀

Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox Business ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán kan jáde. Òpó méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì kúrú, wọ́n kọ NOW sí i. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ga fíofío, wọ́n kọ JAN 1, 2013 sí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ̀dínwó owó orí tí Ààrẹ Bush ṣe fún àwọn ará ìlú bá kásẹ̀ nílẹ̀, iye tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó lówó jù lọ yóò gbéra sókè. Ẹni tó bá wo òpó méjèèjì lófìrí, tí kò dúró ka ohunkóhun, ohun tí yóò rò ni pé owó orí fẹ́ di ìlọ́po márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Òpó kékeré jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún, òpó ńlá jẹ́ 39.6. Ìyẹn ni pé nínú dọ́là 100 tí olówó ń rí lẹ́yìn tí owó rẹ̀ bá ti kọjá gbèdéke tó ga jù, dọ́là 35 ló ń bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀; yóò wá di dọ́là 39 àti sẹ́ǹtì 60. Owó gidi ni o, mi ò ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ìlọ́po márùn-ún rárá.

Ìdí òpó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìlà ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Orí 34 ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gé 34 kúrò nísàlẹ̀ òpó méjèèjì kí wọ́n tó gbé wọn síwájú èèyàn. Ohun tó kù nínú 35 jẹ́ 1, ohun tó kù nínú 39.6 jẹ́ 5.6. Ojú wa sì ń fi 1 wé 5.6. Ká ní wọ́n fi ìdí wọn sílẹ̀ ni, bí òpó àkọ́kọ́ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, èkejì kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 6.

Irú àwòrán báyìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa lódindi. Orí WhatsApp la ti ń bá a pàdé. Ẹnì kan ya síkírínṣọ́ọ̀tì, ẹlòmíràn gé etí rẹ̀ kúrò kí àárín lè hàn dáadáa, ẹni kẹta kọ "ẹ wá wo nǹkan" sábẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹbí. Etí tí wọ́n gé kúrò yẹn gan-an sì ni ìlà ìwọ̀n máa ń wà. Torí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún wa pé ká wo ibi tí ìlà ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò rí ìlà ìwọ̀n kankan.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé a lè wá ibi tí wọ́n ti gé òpó rí, bí nọ́ńbà bá ṣáà ti wà lórí òpó méjì. Rúlà ọmọ iléèwé ti tó. Ẹ fi ìka fẹ àwòrán náà tóbi lórí fóònù, kò ba nǹkan kan jẹ́, nítorí òpó méjèèjì jọ ń tóbi ni. Ẹ wọn gíga òpó kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Ká sọ pé ti Fox yẹn bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 5.6 lójú fóònù yín. Òpó kejì fi sẹ̀ǹtímítà 4.6 ju àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà tó wà lórí wọn ńkọ́? 39.6 fi 4.6 ju 35 lọ. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà kan nínú àwòrán yìí dúró fún 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Òpó àkọ́kọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó túmọ̀ sí pé 1 péré ló hàn nínú 35 rẹ̀. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 35, ó ku 34. Ibẹ̀ ni àdá ti kọjá.

Rúlà lè ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Bí ẹ bá ka òpó kékeré sí sẹ̀ǹtímítà 1.1 dípò 1, ìdí tí ẹ máa rí yóò jẹ́ nǹkan bíi 33.9. Ìyẹn kò yí ìdájọ́ padà. Ohun tí à ń wá ni bóyá wọ́n gé ìdí òpó tàbí wọn ò gé e, àti bóyá ohun tí wọ́n gé pọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Edward Tufte, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1983 láti fi wọn bí àwòrán ṣe ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó nínú àwòrán, ẹ pín in pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó nínú nọ́ńbà gan-an. Bí ó bá jẹ́ 1, àwòrán sọ òótọ́. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò náà fún òpó, ó máa ń já sí ohun kan tó rọrùn: ẹ mú nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ fi ohun tó kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé e pín in. Fún owó orí yìí, 35 pín sí 1, ó jẹ́ 35. Ìyàtọ̀ tí àwòrán náà fi han ojú fi ìlọ́po 35 ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iye yẹn, mo tún un ṣe, torí mo rò pé mo ti fi àmì sí ibi tí kò yẹ.

Ilé iṣẹ́ kan náà tún ṣe irú rẹ̀ lórí Fox News ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2014, èyí tiẹ̀ fara sin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètò ìlera tí Ààrẹ Obama gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Òpó kan sọ pé àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 6,000,000. Èkejì sọ pé iye tí ìjọba ń lé jẹ́ 7,066,000. Òpó kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ẹni pé iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí ìlà ìwọ̀n tí èèyàn lè fi mú wọn. Rúlà yóò mú wọn. Bí òpó kìíní bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, tí èkejì jẹ́ 6, sẹ̀ǹtímítà 4 tó wà láàárín wọn ló dúró fún 1,066,000 èèyàn. Sẹ̀ǹtímítà 2 ti òpó kékeré kò wá ju bí 533,000 lọ. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5 ló ti pòórá nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀, wọ́n tún àwòrán náà yà.

Òpó ni ọ̀nà yìí wà fún, òpó tó dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá ya òpó náà bíi páálí tó ní ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, tó sì dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí rẹ̀ kò ní hàn dáadáa débi tí rúlà yóò fi mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà ìwọ̀n bá sì ń lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, 1, 10, 100, 1,000, ìṣirò wa yóò parọ́ fún wa. Òpó mẹ́ta ló ń tú ìyẹn fó: ẹ fi òpó kìíní àti èkejì wá ìdí, ẹ tún fi èkejì àti ẹ̀kẹta wá a. Bí ìdí méjèèjì bá jìnnà síra gan-an, ìlà ìwọ̀n náà kò lọ déédéé.

Ti àwòrán tó jẹ́ ìlà ló yàtọ̀. Òpó ń fi gígùn sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó gé ìdí rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlà ń fi bó ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé fífi òdo sí i ni ìtànjẹ. Ní oṣù Kejìlá 2015, ìwé ìròyìn National Review ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán bí ayé ṣe ń gbóná jáde, ìlà ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 10 tó wà nísàlẹ̀ òdo títí dé 110, ní ìwọ̀n Farẹnaiti. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ láti 1880. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru gbogbo ayé kì í ṣe ọ̀rọ̀ 110. Nígbà tí yìnyín bo apá tó pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì bíi 5 tàbí 6 péré ni gbogbo ayé fi tutù ju ti ìsinsìnyí lọ. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tó gòkè kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ìlà léèrè ni pé: báwo ni nǹkan yìí ṣe máa ń yí tó, kí sì ni ìyípadà tó hàn yìí já mọ́?

Ẹ jẹ́ ká bi nọ́ńbà tiwa léèrè bẹ́ẹ̀. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà sọ pé ìwọ̀n tí ọjà fi ń wọ́n lọ́dún jẹ́ 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹfà 2024, 33.40 ní oṣù Keje, 32.15 ní oṣù Kẹjọ. Bí mo bá ya ìlà fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti 32, ìlà náà yóò já wálẹ̀ láti òkè téńté, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tí mo yí nínú rẹ̀, òfin kò sì ní kí ìlà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Síbẹ̀, ìdínkù náà kò ju 2.04 lọ, nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù Kẹjọ 2023, tó jẹ́ 25.80, ó ti fi ohun tó ju 8 lọ gòkè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò sì sí ọjà tí owó rẹ̀ ní láti wálẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n ń tà ní náírà 1,000 ní oṣù Kẹjọ 2023 ti tó náírà 1,321 ní ìpíndọ́gba lọ́dún kejì.

Irú àwòrán yẹn tún ní etí mìíràn tí wọ́n lè gé, ìyẹn apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí oṣù tó tẹ̀ lé e wà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìlà náà bọ́ sí 32.70, ní oṣù Kẹwàá, 33.88, ní oṣù Kọkànlá, 34.60. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti di 34.80, ó ti ga ju ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lóṣù Kẹfà.