Lẹ́tà Bàbá Láti Sokoura: Ẹ Má Fi Gẹ̀ẹ́sì Rọ́pò Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ní Èjìgbò ló ní ẹbí ní Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó. Kí fóònù alágbèéká tó dé, lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa fẹ́ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára, ṣùgbọ́n kí àdàkọ ohun tí bàbá kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí a ṣe fúnra wa ṣàlàyé.

Ká sọ pé bàbá kan kọ̀wé láti Sokoura, ní Bouaké, lóṣù kọkànlá ọdún 2002, láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan:

1. Mo ti gbo oro ogun na.
2. Ki aburo mi mu ile na.

Ẹni tó mọ̀ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn lè sọ pé ogun tó ń jà ni bàbá ń wí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àmì, bákan náà la ṣe ń kọ ogún tí a ń pín. Ìlà kejì, tó sọ̀rọ̀ ilé, ló jẹ́ ká gbà pé ogún ni.

Ibi tó le jù ni "aburo". Yorùbá kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà ń lò ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ọ́. Bí atúmọ̀ bá mú ti ọkùnrin, tó sì jẹ́ obìnrin ni bàbá ní lọ́kàn, Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ da lẹ́tà náà kọ ní ìlà-ìlà, bó ṣe wà gan-an. Ẹ má fi àmì kún un, ẹ má sì sọ "nwon" tàbí "enia" ayé àtijọ́ di àkọtọ́ ọdún 1974. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti parẹ́, ẹ kọ [kò ṣeé kà]. Ẹ wá pín ojú ìwé sí méjì: àdàkọ lósì, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tùn-ún, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà kan náà. Fún "aburo", ẹ lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sọ akọ tàbí abo, bó tilẹ̀ gbẹ létí, àfi bí lẹ́tà fúnra rẹ̀ bá sọ ẹni tó jẹ́. Níbi tí ẹ bá ti yan ìtumọ̀ kan nínú méjì, ẹ kọ èkejì sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìdí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bo apá ọ̀tún, kí àgbàlagbà kan ka apá òsì fún yín. Níbi tí kíkà rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tiyín, ibẹ̀ ló nílò àlàyé. Ẹ tọ́jú fọ́tò ìwé náà pẹ̀lú, torí ẹni tó da lẹ́tà kọ náà lè ṣì í kà.