Bí A Ṣe Ń Dágbére Nínú Gúrúùpù Ibi Iṣẹ́

Títí di ọdún 2022, kò sẹ́ni tó lè yọ́ kúrò nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù. Bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò rí i kà pé lágbájá ti lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Meta tó ni Wọ́sáàpù kéde pé ìyẹn ti yí padà, pé àwọn ádímínì nìkan ni wọn yóò máa fi tó létí. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti lọ wo orúkọ àwọn tó ti kúrò, orúkọ yẹn kì í sì í wà níbẹ̀ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ.

Ìyípadà yìí tu ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lára, pàápàá àwọn tójú ń tì láti jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fà. Gúrúùpù Wọ́sáàpù kan lè gba èèyàn 1,024 báyìí, bẹ́ẹ̀ 256 ni kò lè kọjá tẹ́lẹ̀. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá jáde láìfọhùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á ṣì máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á máa retí èsì. Bí wọn ò bá rí i, ohun tí wọ́n á sọ ni pé ẹ ti ń gbéra ga. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹ bá fúnra yín kọ nìkan ni ìkéde tí àwọn èèyàn yín yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbowó ní ilé ìwòsàn aládàáni n'Ìbàdàn. Ó ti lo ọdún méje níbẹ̀. Ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Gúrúùpù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó ọgọ́sàn-án èèyàn: dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó wà ní yàrá káàdì, awakọ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀, àti ọ̀gá pátápátá. Òun gan-an wà lára àwọn ádímínì, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé owó ìdáwó wà, èyí tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣe ìsọmọlórúkọ àti òkú.

Iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ ṣe kò sí nínú gúrúùpù rárá. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ ti dáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ níta. Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó sójú kan náà náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú fóònù ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́dún tó wọlé, ìyẹn ń fẹ́ kí á wá bá òun lójúkojú. Gúrúùpù ńlá wà fún àwọn tí kò ní lè rí lójú kó tó lọ ni.

Lẹ́yìn èyí, ó máa tú ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ádímínì bá kù ṣoṣo tó sì jáde, Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹlòmíràn láàárín àwọn tó kù, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nítorí náà, ó máa fi ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìdáwó ṣe ádímínì ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó máa ka owó tó wà nílẹ̀ fún un lójú ẹlẹ́rìí kan, ó sì máa jẹ́ kí onítọ̀hún kéde rẹ̀. Bó bá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-iṣẹ́, ìyẹn lọ́tọ̀. Jíjáde nínú gúrúùpù kò pa gbèsè rẹ́, kò sì sọ owó tó ti dá síbẹ̀ nù. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ló ti máa yanjú ìyẹn pẹ̀lú ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó máa kọ. Èyí tó sábà máa ń wá síni lọ́kàn lákọ̀ọ́kọ́ nìyí: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi ti rí nǹkan nílé-iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sùn. Àwọn tó mọ ara wọn mọ ara wọn. Mo ti dárí ji gbogbo yín, ẹni tí mo bá sì ṣẹ̀, kó forí jì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, lọ́wọ́ dókítà wa àgbà, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́...” Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí tí orúkọ á fi pé ogún.

Ẹ wò ó dáadáa. Gbólóhùn pé àwọn tó mọ ara wọn mọ ara wọn yìí, ọgọ́sàn-án èèyàn ló máa kà á, olúkúlùkù á sì máa wádìí ẹni tó ń bá wí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù, á ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ìdáríjì tí ẹnikẹ́ni ò tọrọ náà, ẹ̀sùn ni. Ní ti orúkọ ogún èèyàn tó tò, ẹni kọkànlélógún ló máa bínú, pé òun náà tí òun máa ń bá a mú ilé iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Àìkú, òun ò jámọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Nínú èrò ńlá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pa pọ̀, kí ẹ wá kọ ti ẹni tó ṣe yín lóore ṣíṣe pàtàkì sí i níkọ̀kọ̀.

Bó bá ti yọ ìyẹn kúrò, ohun tó kù nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Òní ni mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbí. Mo dúpẹ́ gan-an fún ọdún méje tí a jọ ṣe. Ìwé owó ìdáwó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa ní yàrá káàdì. Nọ́ńbà mi kò yí padà. Màá kúrò nínú gúrúùpù yìí lọ́la. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo wa.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti mọ̀ pé ó ń lọ, wọ́n ti gbọ́ ọpẹ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ owó, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Kò sọ ibi tó ń lọ, kò sì sọ ìdí tó fi ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á pè é. Bí ìbínú bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó oṣù, ibi tí wọ́n ti ń bá ọ̀gá sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Ibi iṣẹ́ tuntun lè pe ibi tó ti kúrò láti béèrè ìwà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti wọ fóònù ọgọ́sàn-án èèyàn kò ṣeé kó jọ mọ́. Wọ́sáàpù ń gbani láyè láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa èyí tí wọ́n ti kà, tàbí tí wọ́n ti yà, rẹ́.

Àsìkò náà ní tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sán bá ti parí, dára fún un. Kó tó fi ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà lókè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ìyá ẹnì kan kú, tí gbogbo ilé ń kí i kú ọ̀fọ̀, kó dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ìjà ló ń lọ lọ́wọ́, kó dúró bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní torí ìjà yẹn ló ṣe lọ.

Ohun tó sábà máa ń gbàgbé nìyí: àdúrà máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúre: ibi tó ń lọ á gbà á, á ṣe é ní rere, iṣẹ́ tuntun á sàn án. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì lójú ẹsẹ̀ kò ní rí ìkankan nínú rẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn tó jáde kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwúre ò sì gbọdọ̀ wà láìsí àṣẹ. Ìdí nìyí tó fi kọ ọ́ pé ọ̀la lòun máa kúrò. Àmọ́, kó má dá èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí fóònù gbogbo ilé ló máa ń dún. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó kọ ọ́: “Àmín o, ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.” Lẹ́yìn náà, kó fọwọ́ kan orúkọ gúrúùpù lókè, kó fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kó tẹ Exit group.

Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ á ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, á lè kà wọ́n, kò kàn ní lè kọ nǹkan sí i mọ́ ni. Bó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ, ó máa tún pa á rẹ́ lọ́tọ̀. Kó kọ́kọ́ wo àwọn fọ́tò tó fẹ́ràn, kó fi wọ́n pa mọ́. Ohun tó bá jẹ́ ti aláìsàn tàbí ti ilé-iṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ láti kó lọ.

Gbogbo èyí wà fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ariwo gúrúùpù sú, kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń paṣẹ. Ìyẹn lè pa á lẹ́nu mọ́: kó yan Mute, kó wá mú Always, tàbí kó sọ ọ́ sínú Archive, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá jẹ́ gúrúùpù ọjọ́ ìbí àti àwàdà lásán ni, ó lè jáde, kó sọ ní gbólóhùn kan pé òun ṣì wà nínú ti iṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti há a pé àwọn ádímínì nìkan ló lè kọ̀wé, kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ádímínì kan pé kó bá òun gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kà wá, bí ọjọ́ yín bá kù ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lónìí. Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí ẹ tún un kà bí ẹni pé ọ̀gá yín ló ń kà á. Gbólóhùn tó bá lè mú kó dá ojú rú, ẹ yọ ọ́.