Kí Ẹ Tó Wọ Bàálù Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́, kó kọ́kọ́ rí i pé orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu. Lẹ́yìn náà, kó wọn ẹrù nílé. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún báàgì kan. Èyí tó bá lé, ẹ ó sanwó, tàbí kí ẹ tú u lójú èrò.

Inú báàgì ńlá yìí ni kí epo pupa wà, nítorí ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ kì í sábà kọjá nínú báàgì ọwọ́. Ẹ fi ẹran gbígbẹ sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á wọlé.

Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, torí ìlà pọ̀ níbẹ̀.