BÍ A ṢE LÈ DÁ AYÉDÈRÚ LỌ́FÍŃDÀ MỌ̀

Kò sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kò sí ọjọ́ wòlímọ̀ tàbí ọjọ́ Iléyá tí a kì í fi òórùn dídùn sí ara. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ayédèrú lọ́fíńdà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ, ó ṣojú mi kòró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, màmá kan tí ó ń tajà ní ọ̀nà Ìjerò, tí àwa ará Ìkòrò mọ̀ sí ẹni tí kì í rẹ́ni jẹ, kó owó èsúsú rẹ̀, ó sì fi ra ìgò lọ́fíńdà méjìlá ní Èkó. Orúkọ tí ó wà lára wọn ni Sauvage, èyí tí ilé-iṣẹ́ Dior ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní ọdún 2015. 18,000 náírà ni wọ́n ta ìgò kọ̀ọ̀kan fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní 22,000 náírà nítorí wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọrùn ọmọ ti pọ́n, ó ń yún un, ọrùn aṣọ funfun rẹ̀ sì ti ní àbàwọ́n búlúù. Nígbà tí a mú ìgò náà padà lọ, màmá yìí sunkún, ó ní òun kò mọ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí mọ́kànlá tí ó kù ṣì wà nínú páálí wọn, owó rẹ̀ sì ni ó há síbẹ̀.

Àlájì kan ní àdúgbò wa ní irú lọ́fíńdà kan náà tí ọmọ rẹ̀ rà bọ̀ láti ilé-ìtajà pápákọ̀ òfurufú ní òkè òkun. Ó gbé e wá tòun ti páálí rẹ̀. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, a gbé méjèèjì kalẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.

Irú ẹ̀tàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa kò ní gbàgbé Bint El Sudan, ìgò kékeré tí àwòrán ọmọbìnrin wà lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Eric Burgess ti ilé-iṣẹ́ W. J. Bush ni ó ti ìlú Khartoum gbé e jáde ní ọdún 1920, nígbà tí ó sì yá wọ́n ń ṣe é ní Kánò níhìn-ín. Òróró ni, kò ní ọtí nínú, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó ti ń tà náà ni àwọn afarawé ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ẹnu tí a fi ń fín in, bébà ara ìgò àti ìdérí nìkan ni àwọn àgbà máa ń wò. Lọ́fíńdà tòní ní ohun púpọ̀ sí i tí ó lè tú àṣírí rẹ̀.

Owó ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó fu wá lára. Ìgò Sauvage 100 mílílítà ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ ní ilé-ìtajà òkè òkun, dọ́là kan sì ti ju 1,000 náírà lọ ní àkókò tí màmá yìí rajà. Ẹni tí ó bá ta á ní 18,000 náírà, níbo ni ó ti rà á? Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ayédèrú ní iye ojúlówó gan-an kí ara má baà fu ẹnikẹ́ni.

A wá wo páálí. Náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wé ti Àlájì ṣì wà nínú rẹ̀ bí ó ti bọ́ ọ. Ó le, etí méjèèjì ni a ṣẹ́ bọ ara wọn bí àpò ìwé lẹ́tà, a kò sì rí ẹyọ gọ́ọ̀mù kan lára rẹ̀. Ti màmá yìí rọ̀, gọ́ọ̀mù sì dì sí etí rẹ̀. A mi páálí náà, ìgò ń gbá inú rẹ̀ kiri. Inú ti Àlájì ní páálí mìíràn tí a ṣẹ́ dáadáa tí ó di ìgò mú gírígírí. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ojúlówó ni ó ní náílọ́ọ̀nù o. Àwọn mìíràn kò ní in rárá.

Nísàlẹ̀ páálí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àwọn ìlà dúdú gbọọrọ wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà mẹ́tàlá wà lábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí ni ó ń fi ojúlówó hàn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni ó wà lára gbogbo ìgò tí irú àti ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ibi yòówù kí a ti tà wọ́n. Ẹni tí ó bá rí páálí kan ṣoṣo lè dà á kọ. Nọ́ńbà tí a ń wá ni nọ́ńbà ọ̀wọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá po ìkòkò ńlá lọ́fíńdà kan lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìgò tí ó bá ti inú ìkòkò yẹn jáde ni yóò gba nọ́ńbà ọ̀wọ́ kan náà, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sára páálí àti ìdí ìgò. Bí ìṣòro kan bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọn yóò fi mọ àwọn ìgò tí wọ́n ní láti kó padà.

Ti Dior kì í gùn, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin péré ni. Èyí tí ó ṣáájú jẹ́ nọ́ńbà tí ó parí ọdún tí wọ́n ṣe é. A tan tọ́ọ̀ṣì sí ti màmá yìí. Ìsàlẹ̀ páálí kà pé 3X01, ìdí ìgò sì kà pé 1V02. Èyí túmọ̀ sí pé páálí ń sọ ọdún 2023, ìgò ń sọ ọdún 2021. (3 kò lè jẹ́ 2013, nítorí a kò tíì gbé lọ́fíńdà náà jáde nígbà náà.) Ìgò kò lè dàgbà ju páálí rẹ̀ lọ ní ọdún méjì, nítorí ojú kan náà ni wọ́n ti ń kì í bọ inú páálí. A tú ìgò kejì àti ìkẹta nínú mọ́kànlá yẹn, ohun kan náà ni a rí. Ti Àlájì yàtọ̀ sí tiwa pátápátá, ìyẹn kò sì jẹ́ nǹkan kan, nítorí ọ̀wọ́ mìíràn ni. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ti páálí rẹ̀ àti ti ìgò rẹ̀ bára mu. Ti páálí Àlájì tún wọnú, bí a bá fi ìka pa á a ó mọ̀ ọ́n lára. Ti màmá yìí kàn jẹ́ tàdáwà lásán, ìka tí ó lọ́rinrin sì pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níhìn-ín. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bára mu, kò tíì parí, nítorí àwọn ayédèrú tí ó gbọ́n máa ń da nọ́ńbà ọ̀wọ́ kan tí ó jẹ́ òtítọ́ kọ sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò. Àwọn ojú ìwé orí fóònù bíi checkfresh.com tí a ń tẹ nọ́ńbà yìí sí, ọjọ́ tí a ṣe ọ̀wọ́ náà nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọn kò lè rí ìgò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ẹnu tí a fi ń fín in ni ó ṣòro jù fún wọn láti fara wé, nítorí ẹ̀rọ kékeré ni, owó ni a sì fi ń ṣe é. Lára ojúlówó, òrùka irin ni ó mú un mọ́ ọrùn ìgò. Ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yíká, kò ṣeé yí kúrò bí ìdérí ìgò omi. Ti màmá yìí ń mì, nígbà tí mo sì yí i díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìdérí Àlájì ní òòfà nínú, bí o bá gbé e sún mọ́ ẹnu ìgò, fúnra rẹ̀ ni yóò fà mọ́ ọn, yóò sì dún tẹ́. Ti ìkejì kàn jókòó lásán ni.

Lẹ́yìn náà ni a fín wọn. Bí ìgò bá jẹ́ tuntun, ó lè gbà tó ìtẹ̀ mẹ́ta tàbí márùn-ún kí ohunkóhun tó jáde, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ti Àlájì jáde bí ìrì òwúrọ̀, ó tàn ká orí tíṣù, kò sì sí ibi tí ó kán sí. Ohun tí ó ń jáde nínú ìtẹ̀ kan kò ju bí ìdá mẹ́wàá mílílítà kan lọ, ìyẹn ni pé ìgò 100 mílílítà yóò fún wa tó ìtẹ̀ ẹgbẹ̀rún. Ti màmá yìí tú jáde bí omi inú ìbọn ọmọdé, ó ṣe rogodo kan lójú kan, ìyókù sì ń ṣàn wá sí ìka mi. Ẹ tún wo ọ̀pá rọ́bà inú ìgò bí ìgò bá mọ́lẹ̀. Ti ojúlówó máa ń tín-ín-rín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú omi rẹ̀. Ti ayédèrú sábà máa ń nípọn, ó funfun bí omi ògì, ó sì gùn débi pé ó tẹ̀ kọ́ nísàlẹ̀.

Àwọ̀ omi rẹ̀ ni ó kù. Ìgò Sauvage dúdú, a kò lè rí inú rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyí tí a fi fín in sórí tíṣù funfun. Ti Àlájì gbẹ láìfi àmì sílẹ̀. Ìkejì fi búlúù sílẹ̀, búlúù kan náà tí ó wà lọ́rùn aṣọ ọmọ. Aró ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Bí ìgò bá jẹ́ èyí tí a ń rí inú rẹ̀, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: ojúlówó máa ń mọ́ lóló, nítorí wọ́n máa ń mú un tutù, wọ́n á sì sẹ́ ẹ kí wọ́n tó rọ ọ́. Èyí tí ó bá ru tàbí tí ó ní ìdọ̀tí tí ń léfòó, ẹ yẹra fún un. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dá ìgò lẹ́bi nítorí pé ó ṣókùnkùn ju tàná lọ. Lọ́fíńdà tí ó bá ní fàlínà nínú máa ń pọ́n bí ó bá ti pẹ́, èyí tí oòrùn bá sì ń pa lójú fèrèsé ọjà máa ń yí àwọ̀ padà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń mi ìgò, wọ́n ní bí ìfófòó bá pẹ́ lórí rẹ̀ ojúlówó ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ní èyí tí òórùn rẹ̀ bá pẹ́ lára ni ojúlówó. Ayédèrú kan lè pẹ́ lára aṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojúlówó tí ó fúyẹ́ sì lè tán láàárín wákàtí mélòó kan. Imú kò sì lè rí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn ọlọ́pàá City of London kìlọ̀ fún ará ìlú pé àyẹ̀wò ti rí májèlé sáyánáìdì àti ìtọ̀ ènìyàn nínú àwọn ayédèrú lọ́fíńdà. Ẹni tí ó ń fi í sí aṣọ ìrun kí ó ro ìyẹn wò.

Ọ̀kan tún wà tí gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí lè má mú: ìgò ojúlówó tí ó ti tán, tí wọ́n rọ nǹkan mìíràn sí. Páálí rẹ̀ pé, nọ́ńbà rẹ̀ bára mu. Òrùka irin ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò, bóyá ẹ ó rí ojú ibi tí èémú ti ha á. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì lo ojúlówó tán, ẹ ya páálí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹ má sì ta ìgò náà fún àwọn tí ń ra ìgò òfìfo.

Ẹni tí ó ta ọjà náà ní Èkó kò gba ìgò kankan padà, ó ní màmá yìí kò ní ìwé ẹ̀rí owó. Màmá dá 22,000 ẹ̀gbọ́n mi padà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó da omi inú àwọn ìgò náà sílẹ̀, ó sì fọ́ wọn lójú wa. Nísinsìnyí, bí ó bá lọ sí Èkó, ìgò kan ṣoṣo ni ó máa ń kọ́kọ́ rà, yóò gba ìwé rẹ̀, yóò sì bẹ ọmọkùnrin rẹ̀ kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó san owó ìyókù.