Òpó Márùn-ún Ìsìláàmù: Tábìlì Àtúnkà, àti Sàká Àgbàdo ní Ìbàràpá

Ó ṣọ̀wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà gbàgbé orúkọ òpó márùn-ún. Inú hádíìsì tí Abdullahi ọmọ Umar gbà wá ni wọ́n ti jọ wà lójú kan, Buhari àti Muslim sì kó o sínú ìwé wọn. Nínú ẹ̀dà kan, Hájì ló ṣáájú ààwẹ̀. Nínú òmíràn, ààwẹ̀ ló ṣáájú. Ẹni tó bá kọ ọ́ báyìí tàbí báyẹn kò ṣì í.

| Òpó | Ìtumọ̀ | Bí a ṣe ń ṣe é | Ohun tó wà fún |
|---|---|---|---|
| Ìjẹ́rìí (kálímọ̀ ṣàhádà) | Jíjẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allah, àti pé Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Muhammad | Kí a fi ahọ́n sọ ọ́, kí ọkàn gbà á gbọ́, kí ìṣe má tàkò ó | Òun ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀sìn. Láìsí i, mẹ́rin tó kù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ |
| Ìrun | Ìjọsìn tó ní àkókò tirẹ̀ lójúmọ́ | Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ pẹ̀lú àlùwàlá, a ó kọjú sí Káábà. Ráká 2, 4, 4, 3, 4 láti Àsùbáà dé Ìṣáì, àpapọ̀ 17 | Ìrántí Allah. Ó ń dènà ìwà ìbàjẹ́ |
| Sàká | Ìpín tí Allah yọ nínú dúkìá fún àwọn tó tọ́ sí | Nígbà tí dúkìá bá dé òṣùwọ̀n: owó, irè oko, ẹran ọ̀sìn, ọjà | Ó ń fọ owó àti ọkàn mọ́, ẹ̀tọ́ tálákà ni |
| Ààwẹ̀ | Kíkó ara ẹni ní ìjánu nínú oṣù Ràmàdáànì | Àìjẹ, àìmu àti àìbá ìyàwó tàbí ọkọ ẹni lò pọ̀, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, pẹ̀lú àníyàn | Ìbẹ̀rù Allah |
| Hájì | Ìrìn-àjò ìjọsìn sí Mẹ́kà | Ẹ̀ẹ̀kan láyé fún ẹni tó lágbára rẹ̀. Dídúró ní Àráfà ní ọjọ́ 9 oṣù Sùlíhíjà ni ọ̀pá rẹ̀ | Ìtẹríba fún Allah, àti ìpéjọ àwọn Mùsùlùmí láti gbogbo ayé |

Fún ẹni tó ń lo àlámànàkì, ọ̀rọ̀ kan wà lórí ìlà ààwẹ̀. Oṣù ojú ọ̀run ni Ràmàdáànì ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ 2024 bẹ̀rẹ̀, ti 2025 sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù náà.

Ìlà kẹta ló ń rú àwọn ènìyàn wa lójú jù. Ohun méjì ni wọ́n máa ń dà pọ̀: sàráà àti sàká. Oúnjẹ tí a sè fún aládùúgbò nítorí àlá tàbí nítorí òkú, sàráà ni. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, iye tó bá sì wù ú ni yóò fi ṣe é. Sàká kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n, ó ní iye, ó ní àsìkò, ó sì ní àwọn tí a dárúkọ pé kí a fún. Àgbẹ̀ tó bá pa màlúù ṣe sàráà lẹ́yìn ìkórè, tí kò yọ sàká àgbàdo rẹ̀, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbàdo, nítorí òun ló kún oko Ìbàràpá láti Láńlátẹ̀ dé Ìgàngàn. Ilé ìmọ̀ Imam Malik ni àwọn àlùfáà Yorùbá ń tẹ̀ lé jù, nínú rẹ̀ sì ni irè tó ṣeé jẹ yó, tó sì ṣeé tọ́jú pamọ́, bí àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ń gba sàká. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni wásìkì 5. Wásìkì kan jẹ́ sáà 60, sáà kan sì jẹ́ mùdù Ànábì 4, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mùdù 1,200. Iye tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní fi í sí lórí ìwọ̀n ni kílò 653. Èyí túmọ̀ sí pé àpò 6 tó wọn kílò 100 kò tíì dé e, ṣùgbọ́n àpò 7 ti kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti gbẹ tí a sì ti bó o la ó wọ̀n ọ́n, kì í ṣe nígbà tó ṣì wà lórí ṣùkù.

Ká sọ pé àgbẹ̀ kan ní Èrúwà kórè àpò 12, ìyẹn kílò 1,200. Bó bá jẹ́ òjò nìkan ló fi gbìn ín, ìdá mẹ́wàá ni sàká rẹ̀: kílò 120. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fi ń fa omi odò sí oko lẹ́ẹ̀rùn, tó ń ra epo sí i, ìdá ogún ni: kílò 60. Bí òjò àti ẹ̀rọ bá pín iṣẹ́ náà ní dọ́gbadọ́gba, kílò 90 ni. Owó tí ó ná sórí omi ló dín ìpín náà kù. Gbèsè ajílẹ̀ tàbí owó àwọn lébìrà kò dín sàká irè oko kù ní ilé ìmọ̀ Malik, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń yọ ìnáwó wọn tán kí wọ́n tó wọn àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọ́dọ̀ ro ẹ̀wà mọ́ àgbàdo kó lè dé òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìbàràpá fi ń jẹun? Imam Malik kò ka á mọ́ irè tó ń gba sàká lọ́jọ́ ìkórè. Imam Abu Hanifa ní tirẹ̀ gbà pé ohun gbogbo tí ènìyàn gbìn ń gba ìdá mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé Malik kò tíì bọ́ pátápátá: bó bá ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tí owó náà dé iye góòlù gíráàmù 85, tó sì lo ọdún òṣùpá kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá ogójì ni yóò yọ. Ká fi ₦150,000 ṣe iye gíráàmù kan kí ìṣirò lè yé wa. Òṣùwọ̀n á jẹ́ ₦12,750,000. Ẹni tó ní ₦16,000,000 lẹ́yìn ọdún náà yóò yọ ₦400,000. Iye góòlù ọjọ́ tí a fẹ́ yọ ọ́ ni kí a wò, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá.

Àwọn mẹ́jọ ni Kùránì dárúkọ nínú Súrà 9, ẹsẹ 60 pé kí a fún: tálákà, aláìní, òṣìṣẹ́ sàká, ẹni tí a fẹ́ fa ọkàn rẹ̀ mọ́ra, ìdásílẹ̀ ẹrú, onígbèsè, ojú ọ̀nà Allah, àti arìnrìn-àjò tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn gbé sàká fún ìyá tàbí ọmọ tí bùkátà rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Ojúṣe rẹ̀ ni láti bọ́ wọn, kò sì lè fi sàká san ojúṣe yẹn. Àbúrò tó jẹ́ tálákà, tí kò sí lábẹ́ bùkátà rẹ̀, lè gbà á. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìdá mẹ́wàá nínú àgbàdo, a kì í yọ ọ́ mọ́ lórí àgbàdo yẹn bó tilẹ̀ wà nínú àká fún ọdún méjì, àfi bí a bá tà á, tí owó rẹ̀ dé òṣùwọ̀n, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ wa.