Kí ìwé ìdánwò tó wọ ọkọ̀ ní Igbọ́kọ̀dá

Bí àpò ìwé ìdánwò bá ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní Igbọ́kọ̀dá nílẹ̀ Ìlàjẹ, àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Olùkọ́ tó wà ní Àkúrẹ́ lè gba ìpè lówùúrọ̀ pé kí ó kọ àtúnṣe ìbéèrè kan sójú pátákó kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé tí omi yí ká, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó ń lọ, àwọn ọmọ lè ti parí apá náà kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ mọ́dírétọ̀, ẹni tó ń yẹ ìbéèrè àti ìwé ìdáhùn wò kí wọ́n tó gbé wọn lọ sílé ìtẹ̀wé, fi kan ọmọ Ìlàjẹ ju bí ó ti kan ọmọ ìgboro lọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju wíwá àṣìkọ lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ìwé ìdáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbéèrè, wọ́n á máa mi orí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ti rí i pé B ni wọ́n kọ, B ni ojú rẹ̀ yóò máa wá ìdí fún. Mọ́dírétọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ìwé ìdáhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní rárá. Yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà bí ọmọ ilé ìwé, yóò kọ lẹ́tà tí òun yàn, yóò sì kọ ìdí tí ìdáhùn mẹ́ta yòókù kò fi tọ̀nà. Iṣẹ́ wà nínú apá kejì yìí gan-an. Ìbéèrè tí kò bá rí ìdí gúnmọ́ fi lé ìdáhùn kan kúrò, ó ti ní ìdáhùn méjì nìyẹn, bí ìwé ìdáhùn tilẹ̀ bá tirẹ̀ mu.

Síbẹ̀, kí ènìyàn méjì fohùn ṣọ̀kan kò tó, bí ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Lọ́dún 1982, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà béèrè nípa òbìrìkìtì kékeré tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta ti òbìrìkìtì ńlá: bí kékeré bá ń yí gba ara ńlá títí tó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò yí? Ìwé ìdáhùn sọ pé 3, nítorí àyíká ńlá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti kékeré. Ìdáhùn tòótọ́ ni 4, kò sì sí láàárín èyí tí wọ́n tò sílẹ̀. Nínú nǹkan bí 300,000 akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mẹ́ta péré ló kọ̀wé pé àṣìṣe wà níbẹ̀, àwọn tó ṣètò ìdánwò náà sì ní láti tún máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ náà kà láìka ìbéèrè yìí. Ẹ mú ìdérí ìgò méjì tó dọ́gba, kí ẹ yí ọ̀kan gba ara èkejì. Ìṣirò àyíká yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò yí. Ojú yín yóò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú àwọn olùyẹ̀wò gba ọ̀nà tí ẹni tó ṣe ìbéèrè kò gbà.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù fún mi kò sí nínú ìṣirò. Ó wà nínú ìbéèrè tó dà bíi pé kò lè ní ìṣòro. Ká ní wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé: kí ni àwọn ará ìgbèríko máa ń wọ̀ lọ sọ́jà jù lọ? A, bàálù, B, ọ̀kadà, C, ọkọ̀ ojú omi, D, ọkọ̀ ojú irin. Ìwé ìdáhùn sọ pé B. Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ dúró lórí òpó igi nínú omi, tó ń gba orí pákó kọjá lọ sílé ìwé, tí ìyá rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ lọ tajà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, yóò fa ìlà sí C láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á sì fún un ní òdo.

Àwọn kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Wọ́n ní sílábọ́ọ̀sì ni ìdánwò ń wò, kì í ṣe àdúgbò, àti pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdáhùn abúlé kọ̀ọ̀kan, ìdánwò ìpínlẹ̀ kan kò ní lè wà mọ́. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ etíkun ní láti mọ ohun tó wà lókè odò, bí ọmọ Àkúrẹ́ ti ní láti mọ ohun tí omi kíkún àti omi fífà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kò sọ ìgbèríko wo. Ohun tó ń wò ni ibi tí ọmọ ń gbé, máàkì tí ọmọ náà sì pàdánù kò sọ fún wa pé nǹkan kan wà tí kò mọ̀.

Àwọn mìíràn ní kí a gba B àti C pọ̀. Èyí dà bí àánú, àmọ́ ọmọ tó kàn fọwọ́ méfò, tó ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ti ní méjì nínú mẹ́rin báyìí. Bí a bá fagi lé ìbéèrè náà, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣòfò. Bí a bá fún gbogbo ènìyàn ní máàkì rẹ̀, ọ̀kan náà ni fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ètùtù lẹ́yìn ìtẹ̀wé ni gbogbo wọn. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni àtúnṣe náà yóò gbà: kí mọ́dírétọ̀ béèrè ohun tí ìbéèrè náà fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè dá ohun ìrìnnà ojú títì mọ̀ yàtọ̀ sí ti omi, ti ojú irin àti ti òfuurufú ni, kí wọ́n kọ ọ́ pé: èwo nínú ìwọ̀nyí ló ń rìn lórí títì? Ọ̀kadà nìkan ni yóò jẹ́, ní Ayétòrò àti ní Àkúrẹ́.

Ta ni yóò rí irú àléébù yìí? Ẹni tí kò gbé lórí omi rí lè ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láì rí nǹkan kan. Mo fẹ́ kí olùkọ́ kan láti agbègbè omi máa jókòó síbi àyẹ̀wò yẹn, kí ó sì ní àṣẹ láti dá ìbéèrè dúró. Àwọn alákòóso sábà máa ń sọ pé bí ojú bá pọ̀ sí i, ìbéèrè á jò síta. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí kan náà sì ni àwọn ìdánwò kéékèèké kì í fi í dán ìbéèrè wò lára àwọn ọmọ kí wọ́n tó lò ó. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe láti da ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ti àwọn ìdánwò ilé ìwé lásán, díẹ̀díẹ̀, ní etíkun àti ní òkè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ohun tí àwọn ọmọ tó gba máàkì jù lọ yàn. Bí púpọ̀ nínú wọn bá yan C nígbà tí ìwé ìdáhùn ń sọ B, ìwé ìdáhùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bó bá sì jẹ́ etíkun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àtúnṣe náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń yí ìbéèrè padà, wọ́n sábà máa ń tún àwọn ìdáhùn tò kí ìdáhùn tó tọ̀nà má baà wà ní B lemọ́lemọ́. Ọ̀kadà á bọ́ sí D, ìwé ìdáhùn á sì wà ní B síbẹ̀. Nítorí èyí, ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀rọ, kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni kí ẹnì kan tí kò bá wọn ṣe àtúnṣe náà jókòó tì, kí ó ṣe é láti ìbéèrè kìn-ín-ní dé èyí tó kẹ́yìn, kí ó tó béèrè fún ìwé ìdáhùn.