Ṣé O Mọ̀? Ìdá Ńlá Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Olè

Ṣé o mọ̀ pé Turnitin, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kì í sọ pé òun ń mú olè? Àwọn tó ni ín fúnra wọn ló ń ṣàlàyé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ara mu ni ètò náà ń wá, ènìyàn ni yóò sì pinnu bóyá ẹnì kan jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ṣe ló máa ń gé iṣẹ́ tí a fún un sí ègé kéékèèké, tí yóò wá ègé kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ ìwé ìwádìí, ojú ewé ayélujára àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀rọ̀ tó bára mu jẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Kóńgò lè sọ iye ẹ̀wà tó wà nílẹ̀, àmọ́ kò lè sọ bóyá a rà á ni tàbí a jí i.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ tí ètò yìí ń lò wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn? Bí ọ̀rọ̀ kan bá bára mu, tí ìdá náà kò sì ju 24 lọ, àwọ̀ ewé ni yóò yọ. Láti 25 dé 49, àwọ̀ ìyeyè ni; láti 50 dé 74, àwọ̀ ọsàn; bó bá sì ti di 75, ó di pupa. Ojú ẹni tó rí pupa á kọ́kọ́ rí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kíláàsì kan, kí ètò náà fi í pamọ́, kí ó tún fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ láti kíláàsì mìíràn ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ìdá rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló jọ. Bóyá òfin ilé ẹ̀kọ́ gba kí ó lo iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ìbéèrè ọ̀tọ̀. Kò jí ti ẹnikẹ́ni.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tó ní ìdá 42 lè má ní gbólóhùn kan tí wọ́n jí nínú? Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, ká sì ṣírò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń kọ iṣẹ́ ìwádìí fún oyè másítà lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà jẹ́ 10,000, ètò náà sì sọ pé 4,200 nínú rẹ̀ ló bá ti ẹlòmíràn mu. Bí alábòójútó rẹ̀ bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan, ó lè dá iṣẹ́ náà padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìròyìn tí ètò náà kọ.

Ọ̀rọ̀ 1,900 wà nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé àti orúkọ ìwé kò yí padà láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn. Ẹni tó bá yí wọn padà ló ṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ 800 mìíràn jẹ́ àyọlò tó wà láàárín àmì àyọlò, tí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 700 wá láti inú bébà tí nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ti kà ní àpérò kan, ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì gbà á láàyè.

Ọ̀rọ̀ 500 tó tẹ̀lé e ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ìwé ìbéèrè PHQ-9 àti fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí àwọn tó dáhùn buwọ́ lù ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni PHQ-9 ní, ó ń béèrè bí nǹkan ti rí fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan máa ń gba máàkì láti 0 dé 3, kí gbogbo rẹ̀ má ju 27 lọ. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà pàápàá. Bí nọ́ọ̀sì yìí bá tún ìbéèrè náà kọ kí ìdá rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kì í ṣe PHQ-9 ló lò mọ́, a kò sì lè fi máàkì tó rí wé ti àwọn olùwádìí tó ṣáájú rẹ̀. Níbí, ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ 300. Ègé ọ̀rọ̀ márùn-ún mẹ́fà ni wọ́n, tó fọ́n káàkiri sórí ọ̀pọ̀ orísun: irú gbólóhùn bíi “àbájáde ìwádìí yìí fi hàn pé”. Ìyẹn ò ju ìdá 3 lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi irú rẹ̀ pe èèyàn lólè.

Ṣé o mọ̀ pé ìdá 9 lè burú ju ìdá 42 yẹn lọ? Ká ní iṣẹ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 10,000, tí 900 bára mu. Àwọ̀ ewé ló yọ, ọkàn gbogbo èèyàn sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n orísun kan ṣoṣo ni 900 náà ti wá, wọ́n tẹ̀lé ara wọn, inú orí tí olùwádìí ti ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí ni wọ́n wà, kò sì sí àmì àyọlò tàbí orúkọ onítọ̀hún níbẹ̀. Olè nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, bó ṣe so pọ̀, àti bóyá a jẹ́wọ́ ẹni tó ni ín, ló ń sọ òótọ́ fún wa.

Èèyàn lè sọ pé, ó dára, ká sọ fún ètò náà kó yọ ìtọ́kasí, àyọlò àti ègé kéékèèké kúrò kó tó ṣírò. Ó ṣeé ṣe, ó sì wúlò. Àmọ́ ẹni tó bá fi àmì àyọlò yí odindi ojú ewé kan ká lè gba ibẹ̀ sá lọ, ẹni tó sì ń já ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta láti ibi púpọ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn Karl-Theodor zu Guttenberg, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Jámánì nígbà náà? Ní oṣù kejì ọdún 2011, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan tó ń kọ àgbéyẹ̀wò lórí iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ rí i pé àwọn ìpínrọ̀ kan bá ìwé ìròyìn mu, láìsí ìtọ́kasí. Àwọn ará ìlú dára pọ̀, wọ́n ń gbé ìpínrọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì lórí ayélujára. Kí oṣù náà tó parí, Yunifásítì Bayreuth ti gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ìpínrọ̀ tí gbogbo èèyàn lè kà fúnra wọn ló dá ẹjọ́ náà.

Ṣé o mọ̀, paríparì rẹ̀, pé ìdá òdo pàápàá kò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́? Ẹni tó bá túmọ̀ bébà elédè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì lè bọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó da iṣẹ́ àtijọ́ kan kọ, tí eruku ti bò lórí pẹpẹ ilé ìkàwé, tí kò dé orí kọ̀ǹpútà rí, lè bọ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin alábòójútó, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi nọ́ńbà orí ìròyìn nìkan lé ọmọ padà. Ẹ ṣí i, ẹ ka ibi tí wọ́n kùn lọ́dà, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ náà kó wá ṣàlàyé. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìdá rẹ ga, fi ọ̀wọ̀ béèrè odindi ìròyìn náà kí o tó yí ọ̀rọ̀ kan padà.